Ètò eré ìdárayá fún apá ọ̀tún Màmá: ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ nílé

Ẹ̀yin ọmọ Màmá,

Apá tí rọpárọsẹ̀ mú kò ṣẹ́. Ọpọlọ ni kò mọ bó ṣe máa rán an níṣẹ́ mọ́, ṣíṣe é léraléra ló sì ń kọ́ ọ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni: aago 10 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 20 ní ìgbà kan.

Ẹ má fa apá yẹn láé. Iṣan tó ń di èjìká mú ti dẹ̀, eegun apá lè yẹ̀ kúrò ní oríkèé. Ẹ má ti ọwọ́ bọ Màmá lábíyá láti gbé wọn dìde, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń fi òróró wọ́ra fa apá náà tàbí gbé e kọjá èjìká.

Kí wọ́n jókòó sórí àga tó le, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí tábìlì wà níwájú.

Títi aṣọ. Ẹ ká aṣọ ìnura sórí tábìlì, kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, kí tòsì wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n tì í síwájú títí ìgúnpá yóò fi nà, kí wọ́n ka 5, kí wọ́n fà á padà. Ìgbà 10. Bí aṣọ kò bá yọ̀, ẹ wọ́n àtíkè díẹ̀ sórí tábìlì. Bí èjìká bá ń gòkè lọ bá etí, ọ̀nà ti jìn jù, ẹ dín in kù.

Ṣíṣí ọwọ́. Ẹ má fi agbára ṣí ìka tó di. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ sí inú, ìka á dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ di ìdí àtàńpàkò mú, ẹ yọ ọ́ síta, ẹ na àwọn ìka yòókù, kí ẹ tó wá dá ọrùn ọwọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ìgbà 3. Bọ́ọ̀lù tí àwọn èèyàn máa ń ní kí aláìsàn máa fún mọ́wọ́ kò yẹ Màmá báyìí: ọwọ́ wọn ti mọ dídì, ṣíṣí ló kù.

Ọmọ ayò. Kí wọ́n mú ọmọ ayò 10 lọ́kọ̀ọ̀kan láti ihò kan sí òmíràn. Jíjù ú sílẹ̀ máa ń le ju mímú lọ, ẹ fi sùúrù dúró, ẹ má bá wọn já a. Bí ọmọ ayò bá kéré jù, ẹ lo ife oníke òfìfo.

Láàárín ọjọ́, kí ọwọ́ ọ̀tún máa nu tábìlì, kó sì máa di búrẹ́dì mú nígbà tí tòsì bá ń gé e.

Bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, ẹ fi ìrọ̀rí gbé gbogbo apá ọ̀tún síwájú, kí ìka wà ní nínà. Ọwọ́ òsì ni kí wọ́n fi dán omi gbígbóná wò, nítorí ọ̀tún lè má mọ̀ pé ó ń jó.

Bí èjìká bá ń dùn wọ́n gan-an, tàbí ọwọ́ wú, ẹ dá eré dúró, ẹ pe onífisiotẹ́rápì. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, ọ̀rọ̀ lọ́, tàbí àìlera tuntun dé, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ aago tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn.