Ìgbà Wo Ni Ká Dá A Dúró? Àyẹ̀wò bí a ṣe ń kọ oògùn apakòkòrò fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìgbèríko Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ìdí àyẹ̀wò yìí. Ilé ìwòsàn wa ní bẹ́ẹ̀dì 120, kò sì sí ẹni tí ó lè gbin kòkòrò àìsàn nínú láàbù wa láti mọ èyí tí ó ń ṣe aláìsàn. Bí aláìsàn bá ti ní ibà tí a kò mọ orírun rẹ̀, abẹ́rẹ́ sẹfitiráyákísóònù ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ bá: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru sì lè fún wọ́ọ̀dù méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé pín àwọn oògùn apakòkòrò sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí a lè kọ́kọ́ lò, èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lò, àti èyí tí a gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ọ̀wọ́ ìṣọ́ra ni sẹfitiráyákísóònù wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé, kí ó tó di ọdún 2030, ó kéré tán 70% oògùn apakòkòrò tí aráyé ń lò gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. A fẹ́ mọ bí tiwa ṣe jìnnà síbẹ̀ tó.

Bí a ṣe ṣe é. Apoògùn méjì, dókítà kan àti nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó yẹ fáìlì àwọn tí a dá dúró sí wọ́ọ̀dù wò, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ọdún 2024. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fọwọ́ sí i. A kò kọ orúkọ aláìsàn tàbí ti dókítà kankan sílẹ̀. Ohun tí a ń wá kò ju wọ̀nyí lọ: ṣé wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi fún un ní oògùn? Ṣé wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró? Ọ̀wọ́ wo ni oògùn náà wà? Fún àwọn ìyá tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n lè bímọ, a wo àkókò tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, a jíròrò àbájáde náà ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a lẹ ìwé ìlànà ojú ewé kan mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, a sì fi àlàfo "ọjọ́ ìdádúró" kún kádì oògùn. A tún yẹ fáìlì wò ní oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2025.

Ohun tí a rí. Nígbà àkọ́kọ́, 241 nínú aláìsàn 326 (74%) ni ó gba oògùn apakòkòrò. Sẹfitiráyákísóònù dé ọ̀dọ̀ 168 nínú wọn (70%), lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú mẹtironídásóòlù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí fílájíìlì. A rí ìdí kà nínú fáìlì 152 (63%), ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdádúró kò sí ju nínú 34 lọ (14%). Oògùn ń lọ títí aláìsàn yóò fi lọ sílé.

Ibi tí ó dùn wá jù ni wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan kí ọ̀bẹ tó kan ara ni ìlànà sọ. Nínú ìyá 47, 11 péré ni ó gbà á ní àkókò yẹn. 45 ni ó ń gba oògùn lọ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ mẹ́fà sì ni iye àárín. Àwọn mọ̀lẹ́bí ni ó ń sanwó rẹ̀.

Nígbà kejì, 208 nínú 310 (67%) ni ó gba oògùn. Ìdí wà nínú 177 (85%), ọjọ́ ìdádúró nínú 98 (47%). Nínú ìyá 44, 33 gba abẹ́rẹ́ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó kọjá wákàtí 24 ṣẹ́ kù sí 27. Oògùn ọ̀wọ́ ìṣọ́ra lọ sílẹ̀ láti 231 nínú oògùn apakòkòrò 412 tí a kọ (56%) sí 168 nínú 336 (50%). Ẹ̀ka pàjáwìrì ní òpin ọ̀sẹ̀ kò yí padà rárá: àwọn dókítà tí ó ń wá gba iṣẹ́ níbẹ̀ kì í sí ní ìpàdé ọjọ́ Ajé.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa. A kò lè fi gbogbo àyípadà yìí ṣe ẹ̀rí pé ìwé ara ògiri ni ó ṣiṣẹ́. Ìgbà àyẹ̀wò méjèèjì kò bọ́ sí àsìkò kan náà, ibà sì máa ń pọ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n àlàfo kékeré lórí kádì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ́ka sí jù: ó fún wọn lẹ́nu láti bi dókítà léèrè láìjẹ́ àfojúdi. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìlànà lé dókítà òpin ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó wọlé. A sì ti kọ̀wé béèrè fún sẹfasólíìnì, oògùn iṣẹ́ abẹ tí kò tíì sí ní ilé oògùn wa. Títí a ó fi rí i, sẹfitiráyákísóònù náà ni a ń fún àwọn ìyá, ẹyọ kan.