Awẹ́ Mẹ́rìnlá

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi obìnrin sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lórí fóònù tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. À ń gbèrò ohun tí a máa ṣe fún Màmá tí wọ́n bá pé àádọ́rin ọdún. Èmi ní ká ra fíríìjì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé àlàárì Màmá ni wọ́n tà tí ẹ fi ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá?"

N kò mọ̀. Ọdún 1998 nìyẹn. Bàbá ti kú, kòkó ti tán lórí igi, ilé ìwé sì ti fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti sanwó. Màmá jí lọ́jọ́ kan ní Ìdànrè, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, nígbà tí wọ́n máa padà dé lálẹ́, owó ti wà ní kókó etí ìró wọn. Wọ́n ní àjọ làwọn kó. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sanwó, mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo bá tèmi lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ kúrò n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, tó jẹ́ pé nígbà tí aago mẹ́wàá fi ń lù, mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìbí Màmá. ₦150,000 ló wà lápò mi. Àlàárì ni mo wá rà.

Ẹni tó bá mọ Ọjà Ọba ní Sátidé mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹni kọ́ ló ń gbéni kiri ibẹ̀, èrò ló ń gbéni. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn oníṣu wọlé. Alábàárù kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú àpò gàrí lórí, ó ń ké, "Ẹ yà fún wa o! Ẹrù ò lójú o!" Bí mo ṣe yà fún un ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ abọ́ ata rodo mọ́lẹ̀, ni ìyá aláta bá ní, "Ọmọ mi, ìyẹn náà lówó nínú o." Mo bẹ̀ ẹ́. Níwájú, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fi gbohùngbohùn pariwo dí gbogbo wa létí, òórùn irú àti pánla sì gba afẹ́fẹ́ kan.

Ọjà ò ṣàì fi nǹkan tàn mí. Ìkòkò tí ọbẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ nídìí, agboòrùn aláràbarà, bàtà olówó kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ àgbà ro. Níbi bàtà yẹn, mo dúró pẹ́ díẹ̀, torí orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu. Àmọ́ bàtà ni bàtà. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, irú rẹ̀ náà ni mo ń rà: ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà. Mo máa ń gbé e lọ fún wọn, wọ́n á súre, wọ́n á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kúrò níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ òkè àkọ́kọ́ tí mo dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń tà á. Ó yára, ó sì lọ́wọ̀. Kí n tó jókòó, ó ti tú aṣọ mẹ́fà sílẹ̀, gbogbo wọn ń dán yinrinyinrin.

"Bọ̀dá, pupa wo lẹ fẹ́? Ti ọtí àbí ti ata?"

"Àlàárì ni."

"Ìwọ̀nyí náà là ń pè ní àlàárì báyìí. Ṣé oníhò ni tiyín àbí èyí tí kò nihò? Ṣé ó ní ìlà? Ìlà wo?"

Mo la ẹnu, kò sọ́rọ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó pupa. Mo mọ̀ pé káńfọ̀ ló máa ń rùn tí wọ́n bá ṣí àpótí. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo wà ní kékeré, ọdún Kérésì kan, mo sùn sí itan Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú aṣọ náà sì kọ àmì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wínníwínní, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ojú lélẹ̀ lórí ẹní. Ibi tí mo mọ aṣọ náà mọ nìyẹn. Ṣé ó ní ìlà? N kò lè sọ. Ọmọ tó sùn lórí aṣọ, tó tún fi owó aṣọ náà kàwé, kò wo aṣọ náà rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe mí lóore tí n kò ní gbàgbé. Ó ká aṣọ rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ má rà á lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ lẹ ń wá, ẹ lọ bá Ìyá Aláṣọ Òfì lẹ́yìn àwọn eléèlùbọ́. Ẹ béèrè, wọ́n á júwe."

Mo béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n júwe. Aago méjìlá ti kọjá dáadáa kí n tó rí ìyá náà, lórí àpótí, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Kò pàtẹ nǹkan kan. Àpótí onírin méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé. Ó fi ojú wọ̀n mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀bùn ni àbí gbèsè?"

Mo ní, "Méjèèjì ni, Mà."

Ó ṣí àpótí méjèèjì. Ó mú aṣọ pupa kan jáde nínú ọ̀kan, ó tún fa èyí tó ń dán kan yọ nínú èkejì, ó ní kí n máa wò ó. Ó fa òwú kan yọ létí èyí tó ń dán, ó ṣáná sí i. Òwú náà ká kò, ó sì di kókó dúdú kan, líle, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọwọ́. Ó wá fa òwú kan létí aṣọ pupa náà, ó ṣáná sí i. Òórùn rẹ̀ dà bí irun tó jóná. Ó fi ìka méjì rún un, eérú ló di, afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

"Sẹ́dà gidi nìyí," ó ní. "Èyí tó ń dán yẹn, rọ́bà ni. Wàyí o, irú èwo ni ti ìyá ẹ?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ìyá ẹ wà láyé?"

"Wọ́n wà, Mà."

"Kí lo wá ń bi mí sí? Pè é."

Mo yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pè. Mo ti ṣètò irọ́ kan: pé ìyàwó ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ra aṣọ òkè, pé ó fẹ́ mọ bí ti àtijọ́ ṣe rí. Màmá kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Aṣọ òkè? Kó má ra oníhò o, eruku ló máa ń mú. Tèmi tí bàbá ẹ rà nígbà ìgbéyàwó wa, ọdún 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, kò nihò kankan. Pupa ni, ó ní ìlà funfun tín-ín-rín méjì lójú awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Awẹ́ mẹ́rìnlá ni ìró rẹ̀. Tí mo bá ró o, màá dúró kí n tó lè jókòó, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Epo kán sí i létí lọ́jọ́ ìkómọ rẹ, n ò fọ̀ ọ́ kúrò, mo ní kó wà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké ní àgbàlá wọn.

"Àjàní. Àbúrò ẹ ti sọ̀rọ̀."

"Ó ti sọ̀rọ̀, Mà."

"Níbo lo wà?"

"Ọjà Ọba, Mà."

"Gbé fóònù fún ẹni tó ń ta aṣọ."

Mo gbé e fún un. Ìyá Aláṣọ Òfì ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, ó gbé e lé ìdérí àpótí. Àwọn eléèlùbọ́ sún mọ́ wa.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá."

"Ẹ kú ilé o, Ìyá. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi. Ó lójú àánú."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi wo etí aṣọ yẹn. Ṣé epo wà níbẹ̀?"

Ìyá náà tú aṣọ pupa náà, ó yí etí rẹ̀ wò yíká, ó sún un mọ́ ojú. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ń wò. Ìlà funfun méjì wà lójú awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Epo ò sí.

"Kò sí epo o."

"Kì í ṣe tèmi nìyẹn. Ó dáa náà. Èló ni?"

"Ọgọ́sàn-án ni mò ń tà á."

"Ọgọ́sàn-án kẹ̀? Ìyá, ẹ ò ní fi ọmọ mi ṣòwò. Ọgọ́rin."

"Háà! Ọgọ́rin, sẹ́dà gidi? Ẹ mú ogóje wá."

"Ọgọ́rùn-ún. Ọmọ náà ní aya, ó ní ọmọ mẹ́ta."

Mo fẹ́ sọ pé owó wà lápò mi, ìyá eléèlùbọ́ kan gbá mi lọ́wọ́ pé kí n dákẹ́. Wọ́n ná an, wọ́n ná an. Wọ́n bi ara wọn léèrè ọkọ, orúnkún, òjò. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé pé aṣọ ni wọ́n ń ná. Ọgọ́fà ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

"Ẹ dúró ná," ni Màmá wí. "Ẹ bá mi ka awẹ́ rẹ̀."

Ìyá Aláṣọ Òfì fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà sókè, àwọn tó dúró tì wá ń bá a kà á. Ó dé mẹ́tàlá, aṣọ tán. Ó tún un kà. Mẹ́tàlá náà ni.

"Màmá," mo ní, "kò pé. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn."

"Àjàní, mo ti rù. Mẹ́tàlá á yí mi ká."

Mi ò lè dáhùn. Mo ka owó fún ìyá náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó sì bá mi kà á. Ó ká aṣọ náà sínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ó fi okùn dì í, ó gbé e lé mi lápá.

"Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ?" Màmá bi mí.

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi, Mà."

"Ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo gan-an, Mà."

"Ẹn-ẹ́n," ni wọ́n wí. Adìẹ yẹn tún ké. "Tètè máa bọ̀. Iṣu ti wà lórí iná."