Sọ̀wédowó Oṣù Karùn-ún

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni Dúpẹ́ ṣí lẹ́jà ilé iṣẹ́ wọn ní Garki lórí kọ̀ǹpútà, tó rí i pé àmì àṣìṣe `#REF!` ló kún ojú ìwé náà látòkè délẹ̀. Ẹnìkan ti pa ṣíìtì báńkì rẹ́. Àwọn ọ́dítọ̀ sì ń bọ̀ láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ kú alẹ́, Alhaji. Lẹ́jà ti bàjẹ́ o."

"Tún un ṣe, Dúpẹ́. Ta ló tún mọ̀ ọ́n bíi tìẹ?" Wọ́n pa fóònù. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dì léni lẹ́rù.

Ó kó gbogbo fáúṣà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tuntun: ọjọ́, nọ́ńbà, ẹni tó gbowó, iye. Nígbà tí iná lọ, mẹgádì tan jẹnẹrétọ̀, ó ń ráhùn pé dísù ti ń tán. Dúpẹ́ ò dá a lóhùn.

Nígbà tó máa fi parí, owó tó jáde nínú lẹ́jà fi ₦667,000 dín sí ti sítéètìmẹ́ǹtì báńkì. Ó ka sítéètìmẹ́ǹtì náà. Sọ̀wédowó ₦640,000 kan wà níbẹ̀ nínú oṣù karùn-ún tí kò ní fáúṣà. Ó fi bírò fàlà sídìí rẹ̀. Ó ku ₦27,000. Mẹ́sàn-án pín in láìṣẹ́kù, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn tí nọ́ńbà méjì bá gbapò ara wọn, nítorí náà kò wá owó tó sọnù mọ́. Nọ́ńbà tó gbapò ara wọn ló ń wá. Ó bá a lórí owó dísù: ₦96,300 ló wà lórí fáúṣà, ₦69,300 lòun tẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìwé àtijọ́ ṣe wá bá báńkì mu láti ọjọ́ yìí wá? Ó padà síbẹ̀, ó tẹ ojú ibi tí àròpọ̀ wà:

```
=SUM(#REF!D4:D61)+640000
```

Dúpẹ́ jókòó wò ó títí. Ẹnìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ iye yẹn sí i.

Aago méje, Alhaji dé. Wọ́n wo ìwé tuntun náà, wọ́n rí ₦640,000 ní sọ́spẹ́ńsì, ibi tí wọ́n ń kọ owó tí kò tíì ní àlàyé sí.

"Kí lèyí ń wá níbí? Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kó o dá a padà sí."

"Fáúṣà ni mo máa fi dá a padà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ra tíì wá.

Ọ́dítọ̀ tó wá, ìyá kan tó fi gíláàsì sójú, kò tiẹ̀ wo àwọn ojú ìwé yòókù. Ìka rẹ̀ dúró lórí sọ́spẹ́ńsì. "Èyí ńkọ́?"

Dúpẹ́ tẹ́ sítéètìmẹ́ǹtì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Sọ̀wédowó oṣù karùn-ún ni, mà. Alhaji ló máa mọ ibi tí fáúṣà rẹ̀ wà."