Lẹ́tà sí onílé: mi ò ní rínúù ṣọ́ọ̀bù mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá owó dìpọ́síìtì mi padà

28 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Bàbá onílé wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí rẹ́ǹtì mi bá parí ní 31 Oṣù Kejìlá, mi ò ní san òmíì mọ́, mo fẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Àdéhùn wa ní kí n sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ìdí tí mo ṣe tètè kọ̀wé nìyẹn. Kò síjà o, ọjà mi ló ti pọ̀ ju àyè yẹn lọ.

Owó dìpọ́síìtì tí mo san nígbà tí mo wọlé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a padà fún mi pé, torí mi ò jẹ rẹ́ǹtì, mi ò jẹ owó iná, àwọn ṣẹ́ẹ̀fù tí mo kàn mógiri náà màá tú wọn, màá sì dí ojú ìṣó. Ògiri ẹ̀yìn tó ń jomi ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó dé, ó wà nínú fọ́tò tá a jọ yà, ẹ má yọ owó ẹ̀ lára tèmi. Ẹ wá yẹ ibẹ̀ wò lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ fún yín, kẹ́ ẹ wá fowó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí mo fi ń san rẹ́ǹtì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun ni mo fẹ́ fi kún owó ibòmíì.

Ẹ ṣé gan-an sà.

Ayálégbé yín, ṣọ́ọ̀bù kejì