Káàdì Ìdíje: Ètò Sólà 5kVA fún Ilé, Ẹ̀ka Ìbàdàn

Fún àwọn atajà wa nìkan. Ẹ má fi han oníbàárà, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ẹnikẹ́ni. Iye owó inú rẹ̀ jẹ́ ti 9 Oṣù Kejì 2026. Tó bá di 6 Oṣù Kẹta, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù yín, tuntun á ti dé.

Ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo rẹ̀ dá lé

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí bí bátìrì ṣe tóbi tó. A ò ní borí níbẹ̀. Ibi tá a ti ń borí ni bí bátìrì ṣe ń tètè kún padà, àti iye tí oníbàárà máa tún ná lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ohun tí àwa ń tà

₦2,850,000. Ínfátà 5kVA, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 5.12kWh, páńẹ́lì 550W mẹ́fà, wáyà, bíríkà, ohun tó ń gba àrá, wáyà ilẹ̀ àti owó iṣẹ́ láàárín ìgboro Ìbàdàn. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú, ìdá 30 lọ́jọ́ tí iná bá tàn. Gáráńtì: bátìrì ọdún 5, ínfátà ọdún 2, iṣẹ́ ọwọ́ wa ọdún 1.

Ohun tó máa gbé lálẹ́: fíríìjì kan, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù àti ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 430. Ẹ fi 50 tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un. A máa ń lo ìdá 90 nínú bátìrì wa, ìyẹn 4.6kWh, ó sì máa gbé wọn fún wákàtí mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù 1hp tó ń jẹ wáàtì 700 á sọ ọ́ di wákàtí mẹ́rin tí kò pé. Ẹ sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ kìíní máa bínú, kò sì ní tọ́ka ẹlòmíì sí wa.

Ibi tá a kù sí: a kì í gba owó díẹ̀díẹ̀ kọjá oṣù mẹ́ta, a máa ń lo ọjọ́ iṣẹ́ 5 sí 7 ká tó dé ilé wọn, a kò sì ní ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn lè wọ̀ lọ fọwọ́ kan ọjà.

Iye owó lójú kan

| Ta ni | Iye tí wọ́n pè | Ohun tó ṣẹ́kù | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Àwa | ₦2,850,000 | kò sí | ₦2,850,000 |
| Ará Ògùnpa | ₦2,180,000 | ₦315,000 | ₦2,495,000 |
| Olówó oṣooṣù | ₦450,000 àsansílẹ̀ | ₦135,000 × 24 | ₦3,690,000 |
| Ará Èkó | ₦4,600,000 | kò sí | ₦4,600,000 |

A fi ojú wa rí ìwé iye owó ti Ògùnpa (mẹ́rin) àti ti olówó oṣooṣù (méjì). Ti ará Èkó, ẹnu oníbàárà la ti gbọ́ ọ. Nítorí náà ẹ má pe iye rẹ̀ jáde níwájú ẹnikẹ́ni, ẹ ní "ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ".

Ará Ògùnpa: ibi tá a ti ń pàdánù jù

Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ta ínfátà, páńẹ́lì mẹ́fà àti bátìrì olómi 220Ah mẹ́rin. Agbára wọn kì í ṣe kékeré. Ọjà wà nílẹ̀, oníbàárà lè gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ó lè dúnàá-dúrà, ọmọ iṣẹ́ tó bá sì bá a dé ilé lè jẹ́ ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ má bú wọn láé. Ẹ má sì ní ayédèrú ni ọjà wọn, torí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ayédèrú, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ sì lè jẹ́ ìbátan wọn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nípa wa ni pé: "10kWh la fẹ́ fún yín, 5 péré làwọn yẹn ní." Ìṣirò wọn kò parọ́: 12V × 220Ah × 4 jẹ́ 10,560Wh. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi tí wọ́n bá ń lò kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú, torí náà 5.28kWh ló ṣeé lò. Ẹ kíyè sí i pé ó ṣì ju 4.6kWh tiwa lọ. Atajà tó bá sọ pé "tiwa ló pọ̀ jù" ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà, oníbàárà tó mọ ìṣirò máa mú un níbẹ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ lọ nìyí. Bátìrì olómi 220Ah kì í fẹ́ kí wọ́n rọ́ iná sí i ju ámpì 22 sí 30 lọ. Ní 22, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 1,200. Páńẹ́lì mẹ́fà lè mú ìlọ́po méjì èyí wá lọ́sàn-án, bátìrì ò ní lè gbà á. Láti dá ìdajì tí wọ́n lò lóru padà, ó máa gba wákàtí márùn-ún, wákàtí méjì mìíràn sì ni kó tó kún dénú. Lítíọ́ọ̀mù wa ń gba ámpì 50, ó sì máa ń kún láàárín wákàtí 2 sí 3 tí oòrùn bá mú. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, oníbàárà ò ní rí ìyàtọ̀. Láti Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án, tí òjò bá ṣú, á rí i. Bátìrì olómi tí kì í kún dénú lójoojúmọ́ máa ń di èyí tí nǹkan funfun bíi iyọ̀ lẹ̀ mọ́ awo inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ráhùn pé "bátìrì mi ò gbé iná mọ́" lẹ́yìn òjò kejì tàbí ìkẹta.

Ooru náà ń pa á. Bátìrì olómi tó wà níbi tó gbóná ju 25°C lọ ní 10°C máa ń lo nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí: tó bá jẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn tí kò ní fèrèsé, ẹ tọ́ka sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ náà ò dáa fún lítíọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ sọ ọ́ fún àǹfààní wọn, kì í ṣe bí ẹ̀sùn.

₦315,000 tó wà nínú àtẹ ni wáyà àti bíríkà (₦150,000), owó iṣẹ́ (₦120,000) àti irin bátìrì (₦45,000). Ìwé iye owó Ògùnpa mẹ́ta nínú mẹ́rin tá a rí kò kọ wọ́n. Lẹ́yìn náà, bátìrì mẹ́rin tuntun ní ₦290,000 jẹ́ ₦1,160,000. Bí wọ́n bá pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ₦3,655,000 nìyẹn. Ẹ má sọ pé ọdún mẹ́ta gan-an ni. Ẹ ní "láàárín ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́rin, ó wà lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe lò ó".

Ìbéèrè tí ẹ máa fi sọ́wọ́ oníbàárà kó lọ bi wọ́n:
– Ámpì mélòó ni ínfátà yìí máa rọ́ sí bátìrì, ta ló sì máa tò ó?
– Wáyà láti bátìrì sí ínfátà, kí ni ìwọ̀n rẹ̀, ó sì wà nínú owó yìí?
– Ta ni yóò máa da omi bátìrì sí i, lẹ́yìn oṣù mélòó?

Tí wọ́n bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, oníbàárà náà wà lọ́wọ́ rere. Ẹ yí padà sórí gáráńtì.

Bó ṣe máa ń lọ:

"Mọ́mì, ẹ kú ilé o. Mo rí i pé owó wọn fi ohun tó ju ₦600,000 lọ dín sí tiwa."
"Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá dín in kù nìyẹn."
"Ẹ jẹ́ ká fi wáyà àti owó iṣẹ́ kún tiwọn ná, mà. Ẹ bá mi wo ìwé yẹn, ṣé ó wà níbẹ̀?"

Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá a nínú ìwé.

Olówó oṣooṣù

₦840,000 ni wọ́n fi ju wa lọ lápapọ̀, ínfátà wọn sì jẹ́ 3.5kVA, páńẹ́lì mẹ́rin. Tí oṣù kan bá kọjá láìsanwó, wọ́n lè ti ẹ̀rọ náà pa láti ọ́fíìsì wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé tiwọn ṣì ni títí owó á fi pé, wọ́n máa ń tètè wá tún un ṣe. Ìbéèrè kan tó: "Sà, tó bá jẹ́ pé owó yìí wà nílẹ̀ lónìí, ṣé oṣooṣù lẹ ṣì máa yàn?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ₦840,000 hàn án. Tí owó ò bá sí nílẹ̀, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta tọ oníbàárà tí kò lè san ìdá 70.

Ará Èkó

Ọjà wọn dáa: 10.24kWh, páńẹ́lì mẹ́jọ, gáráńtì bátìrì ọdún 10, áàpù tí èèyàn fi ń wo iná lórí fóònù. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù méjì, tiwa 5.12kWh kò tó o. Ẹ má tà á fún un. Ẹ fún un ní èyí tá a fi bátìrì kejì (₦1,080,000) àti páńẹ́lì méjì (₦210,000) kún: ₦4,140,000. Ibi tí wọ́n kù sí ni àtúnṣe. Oníbàárà mẹ́ta ní Bódìjà sọ fún wa pé ọjọ́ 4 sí 9 ni wọ́n fi dúró de òṣìṣẹ́ láti Èkó. Àwa ń dé láàárín wákàtí 48, ó sì wà nínú ìwé àdéhùn wa. Ẹ ṣí ojú ewé yẹn hàn wọ́n.

Jẹnẹrétọ̀

Kò ní atajà tó ń tẹ̀ lé e kiri, síbẹ̀ òun ló ń gba oníbàárà jù. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye epo tó ń rà. Tí kò bá mọ̀: ẹrù kékeré lórí 2.5kVA máa ń jẹ nǹkan bíi lítà 0.8 ní wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún lálẹ́ jẹ́ lítà 4. Ní ₦900, ó jẹ́ ₦108,000 lóṣù, àti nǹkan bíi ₦12,000 fún ọ́ìlì, torí wákàtí 100 kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. ₦120,000 lóṣù, ìyẹn nǹkan bí oṣù 24 kí owó wa tó padà. Ẹ fi iye epo ọjọ́ náà ṣe ìṣirò yín, kì í ṣe ₦900 yìí.

Ẹni tó wà ní Bandi A, tí iná rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò epo ò kàn án. Ti owó iná ló kàn án, ó sì kan an kìkì tí ilé rẹ̀ bá ń lo iná lọ́sàn-án. Bí gbogbo wọn bá jáde láago méje, tí fíríìjì nìkan ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣèlérí pé owó iná á já sí ìdajì.

Ẹ̀dínwó

₦60,000 ni òpin láìbi ọ̀gá. Kí ẹ tó dín in, ẹ kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún kejì lọ̀ wọ́n. Oníbàárà tó gba ẹ̀dínwó láìbéèrè máa tún béèrè òmíràn.

Ìròyìn

Ìwé iye owó tí ẹ bá rí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ bo orúkọ oníbàárà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lórí Wasáàpù lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti àdúgbò. Èyí tó bá ti ju ọjọ́ 21 lọ, ẹ ní "nǹkan bí" kẹ́ ẹ tó pe iye rẹ̀, torí bí dọ́là bá yí, bátìrì ló kọ́kọ́ ń yí tẹ̀ lé e. Tá a bá pàdánù oníbàárà, ẹ kọ ẹni tó gbà á àti gbólóhùn tí oníbàárà sọ gan-an, kì í ṣe "owó ti pọ̀ jù". Ọjọ́ Ẹtì ni a ń ka wọn pọ̀, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.