Ìròyìn Agogo Mẹ́fà Ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ 29 Oṣù Agẹmọ

(Ìlù ìṣíde, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kí ìlù rọlẹ̀ dáadáa kí olùkà tó la ẹnu.)

OLÙKÀ: Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Adó-Èkìtì. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lóko, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀. Ẹ kú òjò. Ẹ gbọ́ ìròyìn.

(Ìlù kékeré láàárín kókó kan àti èkejì.)

Òjò gbé afárá oko lọ lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Iṣu ti jáde nínú ebè, ọkọ̀ ò rí i kó.

Kòkó ń dúdú lórí igi. Àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n àti Emùré ti ń pariwo.

Àwọn elétò ìlera ní ká máa se omi kànga ká tó mu ún.

Ọjọ́ bí òní, ní ọdún 1966, ni wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì.

(Ìlù dúró. Olùkà: mí díẹ̀.)

Ọ̀nà Ìkọ̀lé la ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò àná kì í ṣe òjò eré. Alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, afárá ti lọ. Afárá kékeré ni. Páìpù kọ̀ǹkéré mẹ́ta ni wọ́n tò, tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé lórí. Òun ló so àwọn abúlé olóko mọ́ ọ̀nà ọ̀dà tó wọ Ìkọ̀lé-Èkìtì. Omi gbẹ́ ìdí rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ya. Páìpù méjì yí wọ odò. Ẹyọ kan ló ṣẹ́kù, ó dá dúró bí eyín lẹ́nu arúgbó.

Kò sẹ́ni tó kú. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọlọ́kadà kan ló fẹ́ kọjá nídàájí. Iná ọ̀kadà rẹ̀ ló bá a rí i pé ọ̀nà ti tán. Ó fi bíréèkì mú un.

Akọ̀ròyìn wa dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ohun tó rí.

(Ohùn akọ̀ròyìn. Ariwo omi lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má pa ariwo omi náà.)

AKỌ̀RÒYÌN: Etí odò náà ni mo dúró sí. Omi pọ́n bí epo. Ó ti fà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì dé orúnkún. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti so okùn mọ́ igi lápá ibí, wọ́n so ó mọ́ igi lápá ọ̀hún. Ọwọ́ kan di okùn mú, ọwọ́ kejì di iṣu orí mú. Bí wọ́n ṣe ń sọdá nìyẹn. Màmá kan wà níwájú mi báyìí. Ó ti ká ìró rẹ̀ sókè. Apẹ̀rẹ̀ kẹta rèé tó ń gbé kọjá. Tó bá ti dé òdìkejì, á sọ ọ́ kalẹ̀, á ka iṣu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí ló dé tó ń kà á. Ó ní ọ̀kan ti bọ́ sómi nígbà àkọ́kọ́. Ó sì ń wo ìsàlẹ̀ odò bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló wà lójú ọ̀dà, òfìfo. Àwọn awakọ̀ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Wọ́n ní àwọn ò ní kó ẹrù kankan bí kò bá kún ọkọ̀. Àwọn alábàárù náà ti lo àǹfààní. Owó tí wọ́n ń gbà lánàá, wọ́n ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lónìí. Nígbà tí mo bá wọn wí, ọ̀kan dá mi lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ inú omi yìí wò ná.” Mi ò wọ̀ ọ́.

(Ohùn akọ̀ròyìn parí.)

OLÙKÀ: Ẹ ṣé o, akọ̀ròyìn wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ò dáko, ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló ń kán wọn lójú. Ṣé iṣu ò lè dúró de afárá ni? Kò lè dúró. Iṣu tuntun ni. Omi pọ̀ lára rẹ̀, èèpo rẹ̀ ò tíì gbó. Bó bá ti fara gbọgbẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà nìyẹn. Iṣu tó gbó dáadáa, tí a wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, la lè so sórí àká fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí wọ́n wà nínú oṣù Agẹmọ, ọjà ló ń lọ tààrà.

Ìyá oníṣu kan ní Ọjà Ọba, níbí ní Adó-Èkìtì, ṣàlàyé fún wa.

(Ohùn ìyá oníṣu. Ariwo ọjà.)

ÌYÁ ONÍṢU: Láti àná ni mo ti ń retí ẹrù mi. Àwọn oníbàárà mi ń pè. Olóúnjẹ kan tó ń gúnyán fáwọn èèyàn ní Òkè-Ẹ̀ṣà pè mí nígbà mẹ́rin lónìí. Mo ní, “Ẹ ní sùúrù.” Ó ní, “Sùúrù wo? Ṣé sùúrù ni kí n gún?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n tètè da iyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀. Ká ṣáà ti rí ọkọ̀ kan wọlé. Ìyókù á tẹ̀lé e.

(Ohùn parí.)

OLÙKÀ: Ọ̀rọ̀ sùúrù gígún yẹn ti pa wá lẹ́rìn-ín ní ilé iṣẹ́ yìí láti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò sí nínú ẹ̀rín. Nílẹ̀ Èkìtì, bí iyán bá wọ́n, ilé ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

A pe àwọn tó ń mójú tó ọ̀nà oko. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní katakátà máa dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, pé àwọn máa kọ́kọ́ da òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ kí ọkọ̀ lè kọjá. A bi wọ́n nípa afárá gidi. Wọ́n ní ó di ìgbà tí òjò bá dáwọ́. Akọ̀ròyìn wa máa padà síbẹ̀ lọ́la. Ohun tó bá bá níbẹ̀ la máa sọ fún yín.

(Ìlù kékeré.)

Ọ̀rọ̀ oko náà ló tún kàn.

Kòkó ń dúdú. Àwọn àgbẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Emùré-Èkìtì ló pè wá lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Èso kòkó á ní àmì kékeré aláwọ̀ ilẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Bí ẹ bá là á, inú náà ti bàjẹ́.

Àìsàn yìí ò ṣàjèjì. Òjò ló ń gbé e rìn. Bí omi bá ta láti ilẹ̀ sára èso, tàbí tó kán láti ara èso tó ti dúdú sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, ó ti ràn nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi ń le láàárín oṣù Òkúdu sí oṣù Owewe.

Olùkọ́ àgbẹ̀ kan tá a bá sọ̀rọ̀ ní kí ẹ yẹ igi wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá ti dúdú, ẹ já a. Ẹ má sọ ọ́ sídìí igi. Ẹ kó o jáde nínú oko, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka tó ń ṣíji bò ó jù, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ ro ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ tó fọ́n oògùn. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn. Bí ẹ bá fọ́n oògùn lónìí, tí òjò sì rọ̀ lé e lọ́gán, owó lẹ dà sílẹ̀ yẹn. Ẹ sì fi aṣọ bo imú.

(Ìlù kékeré. Olùkà: ìròyìn tó kàn yìí, máa kà á pẹ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ń wá bírò.)

Ètò ìlera.

Àgbàrá ti ń wọ kànga. Àwọn elétò ìlera ní kí ẹ ṣọ́ra fún àrùn onígbáméjì. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó. Ẹ bo orí kànga. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kẹ́ ẹ tó jẹun, àti nígbà tẹ́ ẹ bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọdé tàbí àgbà, ẹ má dúró wò ó. Ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Bẹ́ ẹ ṣe máa pò ó rèé. Omi tó mọ́, lítà 1. Ṣúgà, ṣíbí tíì 6, kó má gogoro. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì kan.

Mo tún un sọ. Omi, lítà 1. Ṣúgà, ṣíbí 6. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí. Ìdajì o. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fọ́mọdé.

(Dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìlù àkọ́kọ́, ohùn dùndún nìkan.)

Ọjọ́ bí òní, ní ọdún 1966.

Adékúnlé Fájuyì ni gómìnà ológun fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ Adó-Èkìtì ni. Ẹni ogójì ọdún ni. Ó gba àlejò ní Ìbàdàn. Àlejò náà ni olórí orílẹ̀-èdè, Aguiyi-Ironsi. Àwọn sójà tó dìtẹ̀ yí ilé ìjọba ká. Àlejò ni wọ́n ń wá. Ìtàn tí àwọn àgbà wa ń sọ ni pé Fájuyì ò gbà kí wọ́n mú àlejò òun lọ kí òun dúró sílé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mú lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pa.

Ìjọba ò tètè kéde ikú wọn. Ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1967, kí aráyé tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìjọba. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, àwọn èèyàn ń tan rédíò bí ẹ ṣe ń tan tiyín yìí, rédíò ò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gba iwájú Pákì Fájuyì kọjá nírọ̀lẹ́ òní, orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́nu kọ̀ǹdọ́ nìyẹn.

(Ìlù dùndún rọlẹ̀.)

Ìkéde kan.

Awakọ̀ takisí kan rí báàgì dúdú nínú ọkọ̀ rẹ̀ lánàá, lẹ́yìn tó já èrò sílẹ̀ ní Ìjìgbò. Ìwé ẹ̀rí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Ó ti gbé e wá síbí. A ò ní dárúkọ tó wà lára ìwé náà. Ẹni tó bá ni ín, kó wá sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wa, kó sì sọ ohun mìíràn tó wà nínú báàgì. Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ó ń rùn díẹ̀. Ẹ tètè wá.

(Olùkà: má rẹ́rìn-ín lórí afẹ́fẹ́.)

Ojú ọjọ́. Ìkùukùu ṣì ṣú lápá Ọ̀tùn àti Ìdó. Òjò lè tún rọ̀ lóru. Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gba Ẹ̀fọ̀n sọ̀ kalẹ̀, ẹ rọra, kùrukùru máa ń bo òkè náà láàárọ̀. Ẹ tan iná ọkọ̀.

Ibi tí ìròyìn mọ nìyẹn. A tún máa pàdé lágogo mẹ́sàn-án alẹ́. Èmi ni mo kà á fún yín. Ó dàárọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tètè sùn.

(Ìlù ìparí.)