Èsì Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Yín: Iṣẹ́ Adíyelé ní Ilé Ìtẹ̀wé Wa, Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Arákùnrin Délé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú sùúrù. N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹlòmíràn la mú fún iṣẹ́ náà. Àyè kan ṣoṣo ló wà, ẹni tó bọ́ sí i sì ti ń díye lé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kó tó padà wálé.

Ẹ ṣeun tí ẹ ti Mọ́níyà wá lówùúrọ̀ ọjọ́ òjò yẹn, tí ẹ sì dé kí á tó ṣílẹ̀kùn. Káàdì ìsìnkú tí a fi dán yín wò, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i pé wọ́n fi àìsùn sí ọjọ́ kejì ìsìnkú. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí mọ̀lẹ́bí dá káàdì padà fún wa. Ojú yín mú, ẹ má jẹ́ kí èsì yìí mú yín ṣiyèméjì nípa ìyẹn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Nínú ìdánwò 1,000 háńdíbíìlì A5, rímù A4 kan lẹ kọ sílẹ̀. Ìṣirò yín pé: ewé A4 kan la ń gé sí A5 méjì, ewé 500 ló sì wà nínú rímù kan. Àmọ́ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ jẹ ewé díẹ̀ kí àwọ̀ tó jókòó dáadáa, ọ̀bẹ tí a fi ń gé e náà á ba tirẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá díye lé ewé 500 géérégé, oníbàárà á kà á, kò ní pé, àpò ilé iṣẹ́ lẹ ó ti san ìyókù. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ díye lé iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń lo ẹ̀rọ pé ewé mélòó ló sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ìlà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan iye owó. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tí a mú fi ju yín lọ.

N kò ní ṣèlérí pé a ó pè yín láìpẹ́, torí a kò ní gba ẹlòmíràn lọ́dún yìí. Bí àyè bá ṣí, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ sì lè tún kọ̀wé wá. Àwòṣe iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ akọ̀wé wa; ẹ yà wá gbà á nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́rin, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni tiyín,
Bùkọ́lá
Alábòójútó òṣìṣẹ́